Orúkọ Kan fún Ilé tí Àdírẹ́sì Rẹ̀ Kì í Dúró Sójú Kan

Tí iná bá lọ, tí ráútà kú, tí iná sì padà dé lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta, ohun àkọ́kọ́ tí ráútà máa ń ṣe ni pé kó ké sí iléeṣẹ́ tó ń fún ilé ní íńtánẹ́ẹ̀tì, kó sì béèrè nọ́ńbà tí wọn yóò fi máa dá a mọ̀. Iléeṣẹ́ náà yóò wo àwọn nọ́ńbà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, yóò mú ọ̀kan tí ẹnikẹ́ni kò lò, yóò sì fi ránṣẹ́ sí i. Nọ́ńbà yìí ni ojú ráútà ń pè ní IP. Ó lè jẹ́ èyí tí ilé náà ń lò láàárọ̀, ó sì lè jẹ́ òmíràn pátápátá. Àwọn tó wà nínú ilé kò ní mọ̀ pé ohunkóhun yí padà. Wáásáàpù ń ṣiṣẹ́, Yútúùbù ń ṣiṣẹ́, nítorí pé láti inú ilé ni ìpè wọn ti ń jáde. Ẹni tó wà lẹ́yìn odi tó fẹ́ wọlé ni wàhálà bá. Ọmọ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, tó kọ nọ́ńbà ilé bàbá rẹ̀ ní Ìbàdàn sílẹ̀ kó lè máa wo kámẹ́rà ẹnu géètì, yóò tẹ nọ́ńbà àná lónìí, kò sì ní rí ẹni dá a lóhùn.

Kì í ṣe pé àwọn iléeṣẹ́ yìí fẹ́ fi ayé ni wá lára. Nọ́ńbà ló wọ́n. Irú àdírẹ́sì tí ọ̀pọ̀ ilé ṣì ń lò, èyí tí wọ́n ń pè ní IPv4, kò ju nǹkan bíi bílíọ̀nù 4.3 lọ ní gbogbo àgbáyé, bẹ́ẹ̀ fóònù, tẹlifíṣọ̀n àti kámẹ́rà ni gbogbo wọn ń fẹ́ tiwọn. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejì ọdún 2011 ni àjọ tó ń bójú tó nọ́ńbà wọ̀nyí pín èyí tó kẹ́yìn lọ́wọ́ rẹ̀ fún àwọn àjọ márùn-ún tó ń ṣojú fún ẹkùn márààrún àgbáyé. AFRINIC tó fìdí kalẹ̀ sí Mọ́rísọ́ọ̀sì ló gba ti ilẹ̀ Áfíríkà. Láti ìgbà náà, ẹni tó ní nọ́ńbà ń ṣọ́ ọ lò ni. Iléeṣẹ́ ń yá ilé ní nọ́ńbà fún àkókò kan, tí ilé bá ti kúrò lórí ìlà, wọn a gbé e fún ẹlòmíràn. Ilé tí ráútà rẹ̀ kì í kú lè lo nọ́ńbà kan fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ilé tí iná ń lọ tó ń bọ̀ kò lè ní irú ìfọ̀kànbalẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ohun tó yanjú ọ̀rọ̀ yìí ni kí ilé ní orúkọ, kí ilé fúnra rẹ̀ sì máa sọ nọ́ńbà tuntun tó bá gbà fún ẹni tó ń tọ́jú orúkọ náà. Ojú ráútà máa ń kọ ọ́ sí DDNS.

Orúkọ lórí ayélujára kì í ṣe nǹkan tuntun. Kó tó di ọdún 1983, fáìlì kan ṣoṣo tí wọ́n ń pè ní HOSTS.TXT ni wọ́n ń kọ orúkọ gbogbo kọ̀ǹpútà sí, iléeṣẹ́ ìwádìí Sitanfọ́ọ̀dù ní Kalifóníà ló ń tọ́jú rẹ̀, gbogbo àwọn yòókù sì ń ṣe àdàkọ rẹ̀ sọ́dọ̀. Ní ọdún yẹn ni Paul Mockapetris gbé ètò DNS kalẹ̀, tó fi jẹ́ pé àwọn kọ̀ǹpútà káàkiri ayé ló ń pín iṣẹ́ náà ṣe: ẹ bi wọ́n léèrè orúkọ, wọ́n á fún yín ní nọ́ńbà. Àmọ́ fún kọ̀ǹpútà tó jókòó sójú kan ni wọ́n ṣe ètò yẹn. Èèyàn ló ń fọwọ́ kọ nọ́ńbà síwájú orúkọ, ẹni tó bá sì gba ìdáhùn lè fi í pamọ́ fún odidi ọjọ́ kan kó tó tún béèrè. Nǹkan méjì ni DDNS yí padà níbẹ̀. Ẹ̀rọ ilé fúnra rẹ̀ ló ń lọ sọ pé nọ́ńbà òun ti yí padà, ìdáhùn tí wọ́n bá sì fún olùbéèrè kì í pẹ́ kó tó di èyí tí a kò gbọdọ̀ lò mọ́. Lọ́dọ̀ DuckDNS, tó jẹ́ ọ̀fẹ́ tí ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń lò, ìṣẹ́jú kan péré ni ọjọ́ orí ìdáhùn náà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń fi àkókò ṣòfò ni pé wọ́n á lọ gba orúkọ ná, wọ́n á ṣe gbogbo ètò rẹ̀ tán, kí wọ́n tó rí i pé nọ́ńbà tí orúkọ náà ń tọ́ka sí kì í ṣe ti ilé wọn rárá. Èyí ló yẹ ká kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kò sì gba ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ẹ jókòó sínú ilé, ẹ so kọ̀ǹpútà tàbí fóònù yín mọ́ Wáìfáì ilé, kí ẹ sì ṣí ojú ìwé ráútà. Àdírẹ́sì rẹ̀ sábà máa ń wà lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ WAN IP sí, ẹ kọ nọ́ńbà ibẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, lórí Wáìfáì kan náà, ẹ ṣí `api.ipify.org`. Ibẹ̀ yóò fi nọ́ńbà tí ayé fi ń rí ilé yín hàn yín. Tí nọ́ńbà méjèèjì bá jẹ́ ọ̀kan náà, ilé yín ló ni ín. Tí wọn kò bá bára mu, pàápàá tí ti ráútà bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 10, tàbí tó wà láàárín 100.64 sí 100.127, a jẹ́ pé iléeṣẹ́ yín ti fi nọ́ńbà kan ṣoṣo bo ọgọ́rọ̀ọ̀rún ilé. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ń pe èyí ní CGNAT, ọdún 2012 sì ni wọ́n ya nọ́ńbà 100.64 sí 100.127 sọ́tọ̀ fún un.

Ó dà bí agboolé ńlá tó ní géètì kan ṣoṣo. Ẹni tó bá jáde láti inú agboolé, onígéètì rí i, ó sì mọ yàrá tí yóò darí èsì rẹ̀ sí nígbà tó bá dé. Ṣùgbọ́n tí àlejò bá ti ìta wá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ránṣẹ́ pè é, onígéètì kò mọ ilẹ̀kùn wo ló ń wá, yóò sì dá a padà. Orúkọ tí DDNS fún yín kò lè ṣe ju kó mú àlejò dé ẹnu géètì yẹn lọ. Ráútà tó ń lo síìmù, ìbáà jẹ́ 4G tàbí 5G, inú irú agboolé yìí ló fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń wà nígbà gbogbo. Ti wáyà tó ń gbé ìmọ́lẹ̀, tí à ń pè ní fáíbà, ó wà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, nígbà mìíràn ó tilẹ̀ wà lọ́wọ́ irú owó tí ẹ ń san. Màá padà sórí ohun tí ẹni tó bá bá ara rẹ̀ lẹ́yìn géètì yìí lè ṣe.

Ẹ jẹ́ ká mú ilé kan ní Bódìjà, ní Ìbàdàn. Fáíbà ni wọ́n ń lò. Nọ́ńbà tó wà lójú ráútà àti èyí tí `api.ipify.org` fi hàn jẹ́ 203.0.113.47 (àpẹẹrẹ ni mo fi nọ́ńbà yìí ṣe, wọn kò fún ilé kankan). Kámẹ́rà méjì wà níta, kọ̀ǹpútà kékeré kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ tó ń lo Línúùsì sì wà lórí pẹpẹ, tí gbogbo fọ́tò ẹbí láti ọdún pípẹ́ wà nínú rẹ̀. Àbúrò onílé wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì fẹ́ máa dé ibẹ̀.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ kò tíì kan orúkọ rárá. Ọ̀pọ̀ ráútà tó ń tinú páálí jáde máa ń fún àwọn nǹkan inú ilé ní nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168.1 tàbí 192.168.0. Bí ráútà ilé Bódìjà bá ń lo 192.168.1, tí ti Lọ́ńdọ̀nù náà sì ń lò ó, kọ̀ǹpútà àbúrò kò ní mọ̀ pé kámẹ́rà 192.168.1.30 tó ń wá wà ní Ìbàdàn. Inú ilé tirẹ̀ ni yóò ti máa wá a. Mo ti rí àwọn tó lo odidi òpin ọ̀sẹ̀ lórí ìṣòro yìí láìmọ ohun tó fà á, nítorí pé tí wọ́n bá lo dátà fóònù, ohun gbogbo á ṣiṣẹ́, tí wọ́n bá padà sórí Wáìfáì ilé wọn, kò ní ṣiṣẹ́ mọ́. Nítorí náà, ẹ tètè yí ti ilé padà sí èyí tí kò wọ́pọ̀, bíi 192.168.77. Ẹ wá sọ fún ráútà pé kó máa fún kọ̀ǹpútà kékeré yẹn ní 192.168.77.20 nígbà gbogbo, kó má baà di pé nọ́ńbà inú ilé náà ń yí padà bí iná bá lọ.

Lẹ́yìn èyí ni orúkọ. Ní `duckdns.org`, ẹ ó fi àkáǹtì tí ẹ ti ní níbòmíràn wọlé, irú bíi ti Gúgù, ẹ ó sì yan orúkọ. Ká ní `ilebodija` ni wọ́n yàn, orúkọ ilé náà di `ilebodija.duckdns.org`. Wọ́n á tún fún yín ní ọ̀wọ́ lẹ́tà gígùn kan tí ojú ìwé náà ń pè ní token. Ẹni tó bá ní ọ̀wọ́ lẹ́tà yìí lọ́wọ́ lè darí orúkọ ilé yín sí ibi tó bá wù ú, torí náà ẹ má ṣe fi í ránṣẹ́ sínú ẹgbẹ́ Wáásáàpù ẹbí. Lórí kọ̀ǹpútà kékeré náà, ẹ tẹ `crontab -e`, kí ẹ sì fi ìlà kan ṣoṣo yìí síbẹ̀, pẹ̀lú ọ̀wọ́ lẹ́tà tiyín ní àyè TOKEN:

```
*/5 * * * * curl -s -o ~/duck.log "https://www.duckdns.org/update?domains=ilebodija&token=TOKEN&ip="
```

Ohun tí ìlà yìí ń sọ ni pé ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, kí ẹ̀rọ yìí kàn sí DuckDNS, kó ní òun ni ilé Bódìjà. Wọn kò kọ nọ́ńbà kankan síwájú `ip=`, nítorí pé DuckDNS yóò wo ibi tí ìpè náà ti wá, nọ́ńbà yẹn ni yóò sì kọ sílẹ̀. Èsì tó bá fọ̀ wá ni a ó rí nínú fáìlì `duck.log`. Bí ó bá jẹ́ `OK`, wọ́n ti gbà á. Bí ó bá jẹ́ `KO`, orúkọ tàbí ọ̀wọ́ lẹ́tà ni ẹ ṣì kọ. Bí iná bá dé lágogo mẹ́wàá, tí ilé sì gba nọ́ńbà tuntun, ìṣẹ́jú márùn-ún ni ó pẹ́ jù kí ìpè tó kàn jáde, ìṣẹ́jú kan sì ni fún ẹni tó ṣì ń lo ìdáhùn àtijọ́. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́fà, àbúrò ní Lọ́ńdọ̀nù ti lè wọlé padà.

Ọ̀pọ̀ ráútà ní DDNS tiwọn nínú, ẹ sì lè fẹ́ lo ìyẹn dípò kọ̀ǹpútà kékeré. Kò burú. Ohun tí mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ni pé ráútà lè fi nọ́ńbà tí òun fúnra rẹ̀ ń rí ránṣẹ́, àti pé ìwọ̀nba iléeṣẹ́ díẹ̀ ló máa ń wà nínú àkójọ rẹ̀. No-IP sábà máa ń wà níbẹ̀, àmọ́ orúkọ ọ̀fẹ́ lọ́dọ̀ wọn ń béèrè pé kí ẹ fọwọ́ sí i lẹ́ẹ̀kan ní ọgbọ̀n ọjọ́ pé ẹ ṣì ń lò ó. Ẹni tí kì í ka lẹ́tà orí ẹ̀rọ rẹ̀ yóò jí lọ́jọ́ kan, yóò rí i pé orúkọ ilé òun ti pòórá.

Orúkọ ti wà báyìí, ṣùgbọ́n ráútà ò tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti gbẹgẹ́ nìyí. Ohun tí àwọn tó ń fi kámẹ́rà síbi iṣẹ́ sábà máa ń ṣe ni pé wọ́n á ṣí ọ̀nà láti ìta tààrà sí kámẹ́rà, wọ́n á sì fi ọ̀rọ̀ aṣínà tó bá a wá láti ilé iṣẹ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbà fún wọn. Ní ọdún 2016, ètò búburú kan tí wọ́n ń pè ní Mirai ń lọ káàkiri íńtánẹ́ẹ̀tì, ó ń dán ọ̀rọ̀ aṣínà bíi 60 tó máa ń bá ẹ̀rọ wá láti ilé iṣẹ́ wò lára kámẹ́rà àti ráútà, èyí tó bá sì ṣí fún un á di ẹrú rẹ̀. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹwàá ọdún náà, wọ́n da àwọn kámẹ́rà wọ̀nyí bo iléeṣẹ́ Dyn ní Amẹ́ríkà, Túwítà àti Nẹ́tífíìsì sì di ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò lè ṣí fún wákàtí púpọ̀. Dyn yìí wà lára àwọn tó kọ́kọ́ sọ orúkọ fún ilé aládàáni di ohun tí gbogbo ayé ń lò. Kámẹ́rà tí àwọn onílé ṣí sílẹ̀ gbayawu ni wọ́n fi kọlù ú.

Ọ̀nà tí èmi fara mọ́ ni pé kí ilé ní ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo, kí ẹnu ọ̀nà náà sì jẹ́ ti WireGuard. Ètò ọ̀fẹ́ ni WireGuard, ó ń ṣe ojú ọ̀nà àbò láàárín ẹ̀rọ méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn mọ kọ́kọ́rọ́ èkejì. Ẹni tí kò bá ní kọ́kọ́rọ́, kò ní dá a lóhùn rárá. Ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn kiri kò tilẹ̀ ní mọ̀ pé ohunkóhun wà níbẹ̀. A ó fi í sórí kọ̀ǹpútà kékeré, a ó sì wá lọ sójú ráútà, níbi tí wọ́n kọ Port Forwarding tàbí Virtual Server sí, ká ní kó máa darí ohunkóhun tó bá wá sí UDP 51820 lọ sí 192.168.77.20. Kò sí ọ̀nà mìíràn tí a ó ṣí. Nínú fóònù àbúrò, apá tó kan ilé yóò rí báyìí:

```
[Peer]
PublicKey = KEY
Endpoint = ilebodija.duckdns.org:51820
AllowedIPs = 192.168.77.0/24
PersistentKeepalive = 25
```

Ìlà kẹta ni orúkọ ti wúlò. Ìlà kẹrin ń sọ fún fóònù pé ohun tó bá jẹ́ ti 192.168.77 nìkan ni kó gba ọ̀nà ilé, kí ìyókù máa gba íńtánẹ́ẹ̀tì Lọ́ńdọ̀nù lọ. Bí wọ́n bá fẹ́ kí àbúrò rí kámẹ́rà pẹ̀lú, kì í ṣe kọ̀ǹpútà kékeré nìkan, a ní láti gba kọ̀ǹpútà náà láyè kó máa bá ẹlòmíràn jíṣẹ́. `net.ipv4.ip_forward=1` ni wọ́n ń fi sí i, pẹ̀lú òfin kan tó ń jẹ́ kí ìpè àbúrò dà bí èyí tó ti ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà kékeré jáde. Ẹni tó bá rí fọ́tò ẹbí ṣùgbọ́n tí kò rí kámẹ́rà, ibí yìí ni kó wò.

Ìdí mìíràn tún wà tí mo fi ń tẹnu mọ́ kọ́kọ́rọ́, ó sì jẹ́ ti DDNS gan-an. Ká ní iná lọ ní Bódìjà láti àárọ̀ di alẹ́. Kò sí ẹni tó ń sọ fún DuckDNS pé ilé ti kú, nítorí náà orúkọ ṣì ń tọ́ka sí 203.0.113.47. Ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì ti lè gbé nọ́ńbà yẹn fún ilé mìíràn ní Mọ́kọ́lá. Tí àbúrò bá wá tẹ orúkọ ilé ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ilé olórí-kò-mọ̀dí ló ń kan. Bó bá jẹ́ ojú ìwé lásán tó ń béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà ló ń lò, ó lè fi ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ lé àjèjì lọ́wọ́. WireGuard kò ní sọ ohun kan fún ilé tí kò ní kọ́kọ́rọ́ tó bára mu. Yóò dákẹ́ títí ilé tòótọ́ yóò fi padà.

Tí ẹ bá fẹ́ dán an wò, ẹ má ṣe jókòó sórí Wáìfáì ilé kí ẹ máa tẹ orúkọ ilé. Ọ̀pọ̀ ráútà kò lè mú ìpè tó jáde láti inú yí padà wọlé, yóò sì dà bí ẹni pé ohun gbogbo bàjẹ́ nígbà tí kò sí ohun tó ṣe é. Ẹ pa Wáìfáì fóònù, ẹ lo dátà.

Bí kò bá wá ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kan, orúkọ ni kí ẹ kọ́kọ́ bi léèrè. Níbikíbi tí ẹ bá wà, ẹ tẹ èyí lórí kọ̀ǹpútà:

```
nslookup ilebodija.duckdns.org
```

Yóò fi nọ́ńbà kan hàn yín. Ẹ pe ẹnì kan nílé, kó ṣí `api.ipify.org`, kó ka ohun tó rí sí yín létí. Tí wọn kò bá bára mu, ìpè ìṣẹ́jú márùn-ún kò jáde: bóyá kọ̀ǹpútà kékeré kò tíì tan, bóyá `KO` ló wà nínú `duck.log`. Ẹ wo déètì fáìlì náà pẹ̀lú, nítorí pé `OK` ọ̀sẹ̀ tó kọjá kò wúlò fún tòní. Tí wọ́n bá bára mu, orúkọ kò jẹ̀bi, ẹ kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Ojú WireGuard máa ń fi iye ohun tó jáde àti iye tó wọlé hàn. Bí ohun tó jáde bá ń pọ̀ sí i tí èyí tó wọlé sì dúró sórí òdo, ìpè yín ń lọ, kò sí ẹni tó ń jẹ́ ẹ. Ráútà lè ti gbàgbé ètò rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n tún un ṣe, tàbí kí kọ̀ǹpútà kékeré ti bọ́ sórí nọ́ńbà mìíràn nínú ilé.

Ohun kan wà tó máa ń da àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe pàápàá láàmú. Ìgbà tí ẹ bá tan WireGuard nìkan ló máa ń béèrè nọ́ńbà orúkọ náà. Bí iná bá lọ ní Bódìjà tó sì dé nígbà tí fóònù àbúrò ṣì wà ní títàn, orúkọ ti yí padà, ṣùgbọ́n fóònù lè ṣì máa pe nọ́ńbà àtijọ́. Kó pa á, kó tún un tan, ó parí. Níbi tí kọ̀ǹpútà méjì bá ti so pọ̀ tọ̀sán tòru láìsí èèyàn nídìí wọn, àwọn tó ṣe WireGuard ti kọ ètò kékeré kan tó ń jẹ́ `reresolve-dns.sh` sínú àkójọ irinṣẹ́ wọn. Tí a bá ń pè é ní ìṣẹ́jú díẹ̀ díẹ̀, òun ni yóò máa tún orúkọ béèrè.

Èkejì wọ́pọ̀ nílé wa ju ti ibòmíràn lọ. Ọ̀pọ̀ ilé tó ń lo fáíbà tún ní síìmù tó dúró dè é, tó fi jẹ́ pé bí wọ́n bá gé wáyà níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ ojú ọ̀nà, ráútà yóò bọ́ sórí síìmù fúnra rẹ̀. Ìpè ìṣẹ́jú márùn-ún yóò jáde láti orí síìmù, DuckDNS yóò kọ nọ́ńbà iléeṣẹ́ síìmù sílẹ̀, `OK` yóò wà nínú `duck.log`, `nslookup` àti `api.ipify.org` yóò sì bára mu rẹ́gí. Síbẹ̀ kò sí ẹni tó lè wọlé, nítorí pé inú agboolé onígéètì kan la ti bọ́ sí. Àmì tí a fi ń mọ̀ ọ́n ni kí a padà wo WAN IP lójú ráútà. Bó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 10 tàbí 100.64 sókè, síìmù ló ń ṣiṣẹ́, kò sì sí ohun tí orúkọ lè ṣe títí wáyà yóò fi padà.

Kí wá ni ṣíṣe fún ẹni tó jẹ́ pé síìmù nìkan ló ní, tàbí tí iléeṣẹ́ fáíbà rẹ̀ fi sẹ́yìn géètì? Kó kọ́kọ́ pe iléeṣẹ́ náà, kó ní òun fẹ́ kúrò lórí CGNAT, kí wọ́n fún òun ní àdírẹ́sì IP ti òun nìkan. Àwọn kan máa ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn mìíràn á fi owó díẹ̀ kún owó oṣù, àwọn kan á sì ní kò ṣeé ṣe. Àwọn tó wọ́n á bá gbà fún kò nílò kí àdírẹ́sì náà dúró sójú kan. Èyí tó ń yí padà tó fún wọn, torí DDNS wà fún ìyẹn.

Bí wọ́n bá kọ̀, ọ̀nà tó kù ni kí ilé má dúró de àlejò mọ́, kí òun fúnra rẹ̀ máa jáde lọ pàdé rẹ̀. Àbúrò lè háyà kọ̀ǹpútà kékeré kan lórí ayélujára, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ kì í yí padà, kí kọ̀ǹpútà Bódìjà máa fi WireGuard kàn sí i tọ̀sán tòru. Ìlà `PersistentKeepalive = 25` tí a rí lókè ni a ó wá fi sí ọ̀dọ̀ ilé: ní ìṣẹ́jú àáyá 25 kọ̀ọ̀kan, ilé yóò ta ìkíni kékeré jáde, kí onígéètì má baà gbàgbé pé ẹnì kan jáde láti yàrá yẹn. Fóònù àbúrò náà yóò kàn sí kọ̀ǹpútà tí wọ́n háyà, ibẹ̀ ni wọn yóò ti pàdé. Ẹni tí kò bá fẹ́ háyà ohunkóhun lè lo Tailscale, tó gbé WireGuard kan náà sínú tó sì ń bá ẹ̀rọ méjì tó wà lẹ́yìn géètì wá ara wọn kàn. Fún ìdílé, ọ̀fẹ́ rẹ̀ tó. Ohun tí a fi ń sanwó rẹ̀ ni pé iléeṣẹ́ mìíràn ló ń mú ẹ̀rọ yín mọ ara wọn, bí ẹ kò bá sì lè wọ àkáǹtì yín mọ́, ẹ kò lè fi ẹ̀rọ tuntun kún un. Nínú méjèèjì, orúkọ láti DuckDNS kò ní iṣẹ́ kankan láti ṣe mọ́, ẹ sì lè yọ ìlà ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn kúrò nínú `crontab`.